Ta Ló Kó Lẹ́tà Inú Fóònù Lọ?

Ohun kan wà tó máa ń dààmú àwọn tó ń fi ímeèlì ṣòwò. Lẹ́tà oníbàárà wọlé sórí fóònù, ẹni tó ni ín kà á, ó fi í síbẹ̀ pé òun á padà wá wò ó. Ọ̀sẹ̀ méjì lé díẹ̀ lẹ́yìn náà, ó wá a, kò rí i. Òun kọ́ ló pa á rẹ́. Kò sí nínú `Trash`, kò sí nínú `Spam`. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í fura sí fóònù, ó fura sí ọmọ tó gbé e ṣeré, ó tiẹ̀ ń rò ó pé bóyá àwọn gbájúẹ̀ ti wọ inú àpótí òun. Bẹ́ẹ̀, lọ́pọ̀ ìgbà, láptọ́ọ̀pù tó jókòó jẹ́ẹ́ sórí tábìlì ọ́fíìsì ló kó lẹ́tà náà kúrò, nítorí ohun tí wọ́n ní kó máa ṣe nìyẹn lọ́jọ́ tí wọ́n tò ó.

Ẹ jẹ́ ká fi ilé ìtẹ̀wé kékeré kan ṣe àpẹẹrẹ, ká ní Ṣómólú l'Ékòó ló wà, níbi tí àwọn atẹ̀wé pọ̀ sí. Ilé iṣẹ́ náà ní àdírẹ́sì ímeèlì tó ń jẹ́ orúkọ tirẹ̀. Àpótí lẹ́tà rẹ̀ wà lórí sáfà, ìyẹn kọ̀ǹpútà tí kì í kú tọ̀sán-tòru, tí ilé iṣẹ́ mìíràn ń bójú tó. Gígábáìtì 1 ni wọ́n sì fún wọn ní àyè níbẹ̀. Lọ́dún díẹ̀ sẹ́yìn, ẹni tó bá wọn to kọ̀ǹpútà fi àkáǹtì náà sínú Outlook lórí láptọ́ọ̀pù, ó sì yan POP. Nígbà tó yá, ọ̀gá ra fóònù tuntun, ó tẹ àdírẹ́sì àti páásíwọ́ọ̀dù sí i, fóònù sì yan IMAP fúnra rẹ̀. Ẹ̀rọ méjèèjì ń gba lẹ́tà dáadáa. Èyíkéyìí nínú wọn kò fi ìkìlọ̀ hàn. Ìṣòro tó wà níbẹ̀ ni pé wọn ò fẹnu kò lórí ibi tí lẹ́tà ń gbé.

Ìyẹn gan-an ni ìyàtọ̀ tó wà láàárín POP àti IMAP, gbogbo yòókù ló ti ibẹ̀ jáde. Lójú POP, inú ẹ̀rọ tó bá gba lẹ́tà ni ilé lẹ́tà. Sáfà kàn ń bá a tọ́jú rẹ̀ di ìgbà tí yóò wá gbé e ni. Lójú IMAP, orí sáfà ni ilé lẹ́tà. Ohun tí ẹ̀ ń rí lórí fóònù tàbí láptọ́ọ̀pù jẹ́ ẹ̀dà ohun tó wà níbẹ̀.

POP ti pẹ́ lóde. Ọdún 1984 ni ìlànà rẹ̀ kọ́kọ́ jáde, ẹ̀yà kẹta tí a ṣì ń lò dòní, POP3, jáde lọ́dún 1988, ìwé tó sì ń ṣàlàyé rẹ̀ títí di báyìí jẹ́ ti ọdún 1996. Kọ̀ǹpútà inú ilé tàbí ti ọ́fíìsì kì í wà lórí nẹ́tíwọ́ọ̀kì nígbà gbogbo láyé ìgbà yẹn, ẹ̀rọ kan ṣoṣo sì ni ọ̀pọ̀ èèyàn fi ń ka lẹ́tà. Àwọn tó ṣe POP wá fi í jọ àpótí ilé ìfìwéránṣẹ́: èèyàn mú kọ́kọ́rọ́ lọ, ó ṣí i, ó kó gbogbo lẹ́tà inú rẹ̀ sínú báàgì, ó gbé wọn relé. Ìwé ọdún 1996 yẹn fúnra rẹ̀ sọ ọ́ pé ìṣe POP ni kó gbé lẹ́tà wálẹ̀, kó sì pa á rẹ́ lórí sáfà, pé ẹni tó bá fẹ́ jù bẹ́ẹ̀ lọ kó lọ wo IMAP. Àwọn tó kọ ọ́ mọ ibi tí agbára ohun tí wọ́n ṣe mọ.

Bí láptọ́ọ̀pù bá lọ gba lẹ́tà méjì nípasẹ̀ POP, ohun tó máa sọ fún sáfà, lẹ́yìn tó bá ti fi orúkọ àti páásíwọ́ọ̀dù wọlé, kò ju báyìí lọ:

```
STAT
+OK 2 16840000
RETR 1
DELE 1
RETR 2
DELE 2
QUIT
```

Ìlà tó ní `+OK` ni ìdáhùn sáfà: lẹ́tà 2 ló wà nílẹ̀, ìwọ̀n wọn lápapọ̀ sì jẹ́ báìtì 16,840,000. Mo yọ àwọn ìdáhùn yòókù kúrò. `RETR` ń gbé odindi lẹ́tà wálẹ̀, pẹ̀lú fáìlì tí wọ́n so mọ́ ọn. `DELE` ń sàmì sí i pé kí sáfà pa á rẹ́. `QUIT` ni ó dìgbà. Ohun kan wà níbẹ̀ tí mo fẹ́ràn púpọ̀: `DELE` nìkan kò pa lẹ́tà kankan rẹ́. Ó di ìgbà tí sáfà bá gbọ́ `QUIT` kó tó ṣe é. Bí nẹ́tíwọ́ọ̀kì bá já láàárín, tàbí tí iná lọ tí bátìrì sì ti kú, gbogbo lẹ́tà ṣì wà lórí sáfà bí wọ́n ṣe wà. POP kì í gbàgbé ara rẹ̀ débi tí yóò sọ lẹ́tà nù sójú ọ̀nà.

Ẹ tún wò ó dáadáa, ẹ ó rí i pé kò síbi tí láptọ́ọ̀pù ti sọ fún sáfà pé wọ́n ti ka lẹ́tà kan, tàbí pé wọ́n ti fèsì sí i, tàbí pé kó gbé e lọ sínú fódà. Kò síbi tó ti lè sọ ọ́. POP kò ní àṣẹ tó wà fún irú nǹkan bẹ́ẹ̀. `Inbox` nìkan ló mọ̀ pé ó wà lórí sáfà.

Lónìí, púpọ̀ nínú àwọn áápù ímeèlì kì í pa lẹ́tà rẹ́ lójú ẹsẹ̀ mọ́. Tí ẹ bá ṣí ètò àkáǹtì POP nínú Outlook, ẹ ó bá ìlà kan tó sọ pé `Leave a copy of messages on the server`, òmíràn sì wà lábẹ́ rẹ̀ tó sọ pé `Remove from server after 14 days`. Thunderbird náà ní irú rẹ̀. Ìlà kejì yìí ló ń ko àwọn èèyàn lóminú. Láptọ́ọ̀pù gba lẹ́tà lónìí, ó kọ nọ́ńbà ìdánimọ̀ rẹ̀ àti ọjọ́ tó gbà á sílẹ̀, ó fi í sílẹ̀ lórí sáfà. Tí ọjọ́ 14 bá pé, ó rán `DELE` lọ.

Ẹ jẹ́ ká tẹ̀ lé lẹ́tà kan láti ìbẹ̀rẹ̀. Lọ́jọ́ kẹta oṣù Kẹta, oníbàárà kan fi àwòrán ìwé ìpè ìgbéyàwó ránṣẹ́ sí ilé ìtẹ̀wé yẹn, ó kọ ìwọ̀n bébà tó fẹ́ àti iye tó fẹ́ tẹ̀ sínú lẹ́tà. Fóònù ọ̀gá dún, ó kà á. Láptọ́ọ̀pù náà gbà á láàárọ̀ ọjọ́ yẹn kan náà. Fún ọ̀sẹ̀ méjì, ẹni tó bá ṣí èyíkéyìí nínú ẹ̀rọ méjèèjì á bá a níbẹ̀, kò sì sí ẹni tó máa mọ̀ pé nǹkan kan ń bọ̀. Lọ́jọ́ kẹtàdínlógún, akọ̀wé tan láptọ́ọ̀pù, ó ṣí Outlook, `DELE` lọ, `QUIT` tẹ̀ lé e. Ní ìgbà tí fóònù tún béèrè lọ́wọ́ sáfà ohun tó wà nínú àpótí, sáfà kò dárúkọ lẹ́tà náà mọ́. Fóònù, tí ẹ̀dà ohun tó wà lórí sáfà ni iṣẹ́ rẹ̀, yọ ọ́ kúrò lójú ara rẹ̀. Lọ́jọ́ kejì, ọ̀gá wà níwájú ẹni tó ń ta bébà, ó fẹ́ wo ìwọ̀n tí oníbàárà kọ, kò rí nǹkan kan.

Lẹ́tà náà kò tíì ṣègbé. Ó wà nínú láptọ́ọ̀pù. Àmọ́ ibẹ̀ nìkan ló kù sí ní gbogbo ayé, bẹ́ẹ̀ ni gbogbo lẹ́tà ilé iṣẹ́ náà tó ti lé ní ọ̀sẹ̀ méjì. Bí olè bá gbé láptọ́ọ̀pù náà, tàbí tí háádì díìsìkì rẹ̀ bá kú, ọ̀rọ̀ gbogbo oníbàárà láti ọdún yẹn wá ti bá a lọ. Èyí ló jẹ́ kí n máa ka àdàpọ̀ POP lórí láptọ́ọ̀pù àti IMAP lórí fóònù sí ohun tó léwu ju POP nìkan lọ: fóònù ń jẹ́ kí ọkàn èèyàn balẹ̀ pé lẹ́tà wà níbi méjì, nígbà tó jẹ́ pé ibì kan ló wà.

Ẹ̀gbẹ́ kejì tún wà tí àwọn èèyàn kì í tètè rí. Ọ̀gá fi fóònù fèsì fún oníbàárà, ó dá iye owó lé iṣẹ́ náà. Fóònù fi ẹ̀dà èsì yẹn sínú `Sent` lórí sáfà. Akọ̀wé ń wá iye tí wọ́n fẹnu kò sí lórí láptọ́ọ̀pù, kò lè rí i láéláé, nítorí POP kì í wọ `Sent`. Èsì tí akọ̀wé náà fi láptọ́ọ̀pù kọ, inú láptọ́ọ̀pù ló kù sí, fóònù kò mọ̀ nípa rẹ̀. Ọ̀gá lè kọ ₦85,000 kí akọ̀wé sì kọ ₦100,000 fún oníbàárà kan náà lọ́jọ́ kan náà, kí ìkejì má sì rí ti ìkíní. Èyí tó burú jù nínú wọn ni ti fódà. Bí ọ̀gá bá fi fóònù gbé lẹ́tà tuntun láti `Inbox` lọ sínú fódà kan kí láptọ́ọ̀pù tó yọjú, láptọ́ọ̀pù kò ní rí lẹ́tà yẹn rárá. Akọ̀wé á búra pé lẹ́tà kò wọlé, òótọ́ ló sì ń sọ.

IMAP kò gba ọ̀nà yìí. Mark Crispin ló ṣe é ní Yunifásítì Stanford ní Amẹ́ríkà lọ́dún 1986, ohun tó sì fẹ́ ni pé kí èèyàn lè jókòó sídìí kọ̀ǹpútà èyíkéyìí kó sì bá àpótí rẹ̀ bó ṣe fi í sílẹ̀. Nítorí náà, gbogbo ohun tí ẹ bá ṣe sí lẹ́tà, sáfà ni ẹ̀rọ yín ń sọ ọ́ fún. Ẹ wo bí fóònù ṣe ń sọ pé wọ́n ti ka lẹ́tà kejì:

```
a1 SELECT INBOX
* 2 EXISTS
a1 OK
a2 STORE 2 +FLAGS (\Seen)
```

`SELECT` ṣí `Inbox`, sáfà ní lẹ́tà 2 ló wà níbẹ̀. Ìlà tó kẹ́yìn lẹ àmì `\Seen` mọ́ ìkejì. Àmì yẹn ń gbé orí sáfà. Tí láptọ́ọ̀pù tó ń lo IMAP náà bá dé, ó bá àmì náà níbẹ̀, ó sì yí lẹ́tà náà sí èyí tí a ti kà. Àmì mìíràn wà fún èyí tí a ti fèsì sí, òmíràn fún èyí tí a fi ìràwọ̀ sí. Fódà wà lórí sáfà, `Sent` wà lórí sáfà, lẹ́tà tí ẹ kọ dé ìdajì nínú bọ́ọ̀sì ń dúró dè yín lórí láptọ́ọ̀pù nílé.

Fún ẹni tó ń ra dátà, àǹfààní mìíràn wà níbẹ̀. Fáìlì tó jẹ́ mẹ́gábáìtì 12 máa ń tó nǹkan bíi 16 tí wọ́n bá so ó mọ́ ímeèlì, nítorí pé wọ́n ní láti yí i sí lẹ́tà a-b-d lásán kó tó lè rìn, ìyẹn sì ń fi bí ìdámẹ́ta kún un. `RETR` ti POP á gbé gbogbo 16 yẹn wálẹ̀ kí ẹ tó rí ohun tí oníbàárà kọ. IMAP lè béèrè orúkọ ẹni tó kọ lẹ́tà àti àkọlé rẹ̀ nìkan, kó gbé ọ̀rọ̀ inú rẹ̀ wá tí ẹ bá ṣí i, kó sì fi fáìlì sílẹ̀ di ìgbà tí ẹ bá tẹ̀ ẹ́. Àmọ́ o, áápù kan lè máa gbé gbogbo rẹ̀ wálẹ̀ tí wọ́n bá tò ó bẹ́ẹ̀, ẹ wo ètò rẹ̀ dáadáa.

IMAP náà ní ibi tó ti ń ṣe èèyàn. Nítorí pé àpótí kan ni gbogbo ẹ̀rọ ń wò, ohun tí ẹ bá pa rẹ́ lórí fóònù kí àyè lè wà, ẹ ti pa á rẹ́ lórí láptọ́ọ̀pù náà. Mo ti gbọ́ ọ lẹ́nu àwọn èèyàn pé, "Orí fóònù nìkan ni mo ti yọ ọ́." Kò sí orí fóònù nìkan nínú IMAP. Àyè orí sáfà sì lópin. Nínú gígábáìtì 1 ti ilé ìtẹ̀wé yẹn, bí 60 lẹ́tà tó gbé fáìlì mẹ́gábáìtì 12 ti fẹ́rẹ̀ẹ́ kún un. Tó bá kún, lẹ́tà tuntun kò wọlé mọ́. Sáfà á dá a padà fún ẹni tó kọ ọ́ pé àpótí ti kún, ẹ̀yin lẹ ó sì gbọ́ kẹ́yìn. POP, ní tirẹ̀, ń gbá àpótí náà mọ́ fúnra rẹ̀. Ìdí rèé tí mi ò fi ní sọ fún ẹni tó ní láptọ́ọ̀pù kan péré, tí kì í ka lẹ́tà lórí fóònù, tí àpótí rẹ̀ sì kéré, pé kó fi POP sílẹ̀. Kó sáà máa da lẹ́tà inú láptọ́ọ̀pù náà kọ sórí díìsìkì mìíràn.

Báwo lẹ ṣe máa mọ èyí tí ẹ̀ ń lò? Nínú Outlook ti orí kọ̀ǹpútà, ẹ lọ sí `File`, `Account Settings`. Ẹ ó rí `POP/SMTP` tàbí `IMAP/SMTP` níwájú àdírẹ́sì yín. Nínú Thunderbird, ó wà nínú `Server Settings`. Tí orúkọ kò bá hàn, ẹ wo nọ́ńbà pọ́ọ̀tù: 995 tàbí 110 jẹ́ ti POP, 993 tàbí 143 jẹ́ ti IMAP. Tí SMTP bá rú yín lójú, ìyẹn ló ń gbé lẹ́tà jáde, POP àti IMAP ni wọ́n ń bá a lò bákan náà, kò sí nínú ọ̀rọ̀ yìí.

Tí lẹ́tà bá sì ti sọ nù lójú fóònù, ẹ má tíì bá ẹnikẹ́ni jà. Ẹ fi búráúsà wọ àpótí yín lórí sáfà tààrà. Búráúsà ni ẹlẹ́rìí tí kì í gbè sẹ́yìn ẹnì kan. Tí lẹ́tà bá wà níbẹ̀ tí kò sí lórí fóònù, ọ̀rọ̀ fóònù ni: ọ̀pọ̀ áápù orí fóònù ló jẹ́ pé lẹ́tà ọjọ́ mélòó kan sẹ́yìn nìkan ni wọ́n ń gbé wálẹ̀, ẹ fi kún iye ọjọ́ yẹn nínú ètò rẹ̀. Tí kò bá sí ní búráúsà tó sì wà lórí láptọ́ọ̀pù, POP ló gbé e.

Ẹni tó bá fẹ́ kó láptọ́ọ̀pù rẹ̀ láti POP bọ́ sórí IMAP, ètò rẹ̀ kò le, ṣùgbọ́n ó ní èyí tó gbọ́dọ̀ ṣáájú. Àṣìṣe tó ń ba nǹkan jẹ́ jù ni kí èèyàn kọ́kọ́ yọ àkáǹtì POP kúrò, kó tó fi IMAP sí i. Àwọn lẹ́tà ọdún pípẹ́ tó wà nínú àkáǹtì yẹn kò sí lórí sáfà mọ́, IMAP kò sì lè gbé ohun tí kò sí wá.

Ẹ kọ́kọ́ fọwọ́ yọ àmì tó wà níwájú `Remove from server after 14 days`, kí láptọ́ọ̀pù má bàa máa pa nǹkan rẹ́ bí ẹ ti ń ṣiṣẹ́ lọ. Lẹ́yìn ìyẹn, ẹ pa Outlook dé, ẹ wá fáìlì rẹ̀ tó parí sí `.pst`, ẹ da á kọ sórí háádì díìsìkì ọ̀tọ̀. Ibẹ̀ ni gbogbo lẹ́tà POP yín wà. Nísinsìnyí, ẹ fi àdírẹ́sì kan náà kún Outlook gẹ́gẹ́ bí àkáǹtì tuntun, kí ẹ fọwọ́ ara yín yan IMAP pẹ̀lú pọ́ọ̀tù 993. Àkáǹtì méjèèjì á dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn. Ẹ dá fódà tuntun sílẹ̀ nínú ti IMAP, ẹ sì da àwọn lẹ́tà àtijọ́ tí ẹ ṣì nílò kọ sínú rẹ̀. Ẹ dà wọ́n kọ o, ẹ má gbé wọn, kí ti àkọ́kọ́ lè ṣì wà. Bí ẹ ti ń dà wọ́n kọ, láptọ́ọ̀pù ń gbé wọn padà lọ sórí sáfà, ìyẹn sì ń jẹ dátà gẹ́gẹ́ bí ìwọ̀n wọn.

Ibí ni gígábáìtì 1 ti máa sọ̀rọ̀. Ká ní lẹ́tà gígábáìtì 6 ló wà nínú láptọ́ọ̀pù ilé ìtẹ̀wé yẹn. Kò lè wọ inú rẹ̀. Ohun tó yẹ kí wọ́n ṣe ni kí wọ́n gbé ti oṣù mẹ́ta tó kọjá lọ sórí sáfà, àti ti àwọn oníbàárà tí iṣẹ́ wọn ṣì wà nílẹ̀, kí wọ́n fi ìyókù sílẹ̀ nínú fáìlì `.pst` náà, ọ̀kan nínú láptọ́ọ̀pù, ọ̀kan lórí díìsìkì ọ̀tọ̀. Tàbí kí wọ́n sanwó fún àyè tó tóbi sí i. Nígbà tó bá parí, kí wọ́n fi búráúsà wò ó bóyá àwọn lẹ́tà náà dé sáfà lóòótọ́, kí wọ́n ṣí bíi mélòó kan pẹ̀lú fáìlì tó wà nínú wọn. Ìgbà yẹn ni wọ́n tó lè yọ àkáǹtì POP.

Mo rọ gbogbo ẹni tó ń bá àwọn èèyàn to ímeèlì sórí ẹ̀rọ, ẹ̀yin ọmọ kọ̀ǹpútà wa ní Ìkẹjà àti níbi gbogbo: kí ẹ tó tẹ POP, ẹ béèrè lọ́wọ́ ẹni tó ni àpótí bóyá ó tún ń ka lẹ́tà náà lórí fóònù. Tó bá ní bẹ́ẹ̀ ni, ẹ fi IMAP sórí méjèèjì. Ẹ̀yin tí ẹ sì ń ka èyí, tí láptọ́ọ̀pù yín wà lórí POP tí fóònù sì wà lórí IMAP, ẹ lọ yọ àmì ọjọ́ 14 yẹn lónìí, kí lẹ́tà òní tó pé ọ̀sẹ̀ méjì.